Bí ẹ ṣe lè wá iṣẹ́ tuntun láti Àjàṣẹ́ kí ọ̀gá yín má gbọ́

Ibi tí àṣírí ti sábà máa ń tú kì í ṣe ìwé tí a kọ ránṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n pe ènìyàn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni. Ìpè á dé láti Kútọnu pé kí ẹ wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 10:00 àárọ̀. Ẹ ò ní fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ó dáhùn kíákíá pé ó ti dáa, ìgbà tí ẹ bá gbé fóònù sílẹ̀ tán ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó máa ro irọ́ tí ẹ fẹ́ pa.

Àbúrò mi obìnrin, tó ń ṣe kọ̀ǹtábù ní ilé-iṣẹ́ kan ní Àjàṣẹ́ níbí, ti ṣe é bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ìyá wa ń ṣàìsàn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ lọ ra gàrí lọ́wọ́ ìyá wa ní ọjà Wàndó, ó bá a tí ara rẹ̀ le koko, tó ń bá oníbàárà jà nítorí owó. Kó tó di aago 16:00, gbogbo bùrò ti gbọ́. Wọn ò lé e, ṣùgbọ́n odindi oṣù mẹ́ta ni wọn ò fi jẹ́ kó fọwọ́ kan káṣì mọ́.

Nígbà tó fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, a jọ jókòó, a sì tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Ètò yẹn ni mo kọ síbí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ ní ọ̀rọ̀ tiyín nínú ìpele kẹrin, torí ọ̀nà yín jìn.

Ohun tí ẹ máa kó jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Síìmù kejì tí kò sí ẹni níbi iṣẹ́ tó ní nọ́ńbà rẹ̀, àti àdírẹ́sì ímeèlì tuntun.
- Séfé yín, tí ẹ tẹ̀ sórí ẹ̀rọ tiyín tàbí ti ará ilé.
- Ẹ̀dà àwọn dìpúlọ́ọ̀mù, àti fíìsì owó oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn.
- Ìwé kàsíyé láti ilé ẹjọ́. Ẹ lè bèèrè rẹ̀ lórí service-public.bj láì kúrò nílé. Èyí tó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta, wọn kì í gbà á mọ́, nítorí náà ẹ má tètè gbà á jù.
- Iye ọjọ́ kọ́ńjé tó kù fún yín. Òfin iṣẹ́ Bẹ̀nẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 2 lóṣù kan, ìyẹn ọjọ́ 24 lọ́dún.
- Kọ́ńtàrà yín. Ẹ tún un kà, pàápàá ibi tó ti sọ̀rọ̀ nípa àkókò ìkìlọ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ fún wọn kí ẹ tó lọ.

Ìwé kan wà tí kò sí nínú ètò yẹn, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni: àtẹ́sításíọ̀n tó ń fi hàn pé ẹ ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ wà. Ọ̀pọ̀ ìpolówó iṣẹ́ ló máa ń béèrè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀gá yín nìkan ló ti lè jáde. Ẹni tí kò bèèrè rẹ̀ rí, tó wá bèèrè rẹ̀ lójijì, ti sọ fún wọn pé òun ń múra àtilọ. Ẹ fi fíìsì owó oṣù dípò rẹ̀: orúkọ yín, orúkọ ilé-iṣẹ́ àti iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ló wà níbẹ̀. Tí ẹ kò bá tíì máa wá iṣẹ́ báyìí, ẹ máa gba àtẹ́sításíọ̀n yẹn ní gbogbo oṣù kìíní ọdún, kó ti mọ́ wọn lójú.

Ìpele kìíní: ẹni tó máa mọ̀

Ènìyàn méjì ti tó: ẹni tí ẹ jọ ń gbé, àti ìbátan kan ní Kútọnu tí ẹ lè pààrọ̀ aṣọ ní ilé rẹ̀. Ẹ má sọ fún ọ̀rẹ́ kankan níbi iṣẹ́, kódà bó jẹ́ ẹni rere. Kì í ṣe pé ó máa dà yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá bi í pé níbo lẹ wà, irọ́ ló máa pa nítorí yín, ojú rẹ̀ á sì sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ fi pamọ́. Ẹgbẹ́ àjọ náà ńkọ́? Rárá o. Ní Àjàṣẹ́, ẹni tó ń gba àjọ lọ́wọ́ yín lè jẹ́ àna ọ̀gá yín.

Ìpele kejì: fóònù àti ẹ̀rọ

Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà fóònù Bẹ̀nẹ̀ ti di oníye mẹ́wàá, 01 ló sì ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn. Mo ṣì ń rí séfé tó gbé nọ́ńbà oníye mẹ́jọ. Ẹni tó fẹ́ pè yín á tẹ̀ ẹ́, kò ní wọlé, á sì pe ẹni tó tẹ̀ lé yín nínú ìwé. Ẹ lè máa rò pé wọn ò fẹ́ yín, bẹ́ẹ̀ wọn ò kàn rí yín bá sọ̀rọ̀ ni.

Nọ́ńbà tuntun nìkan ni kó wà lórí séfé. Ẹ pa ohùn rẹ̀ ní bùrò, kí ẹ sì má gbé ìpè rẹ̀ ní kọ̀rídọ̀ tàbí lẹ́yìn ilé, torí ẹni tó bá sáré jáde pẹ̀lú fóònù létí ni gbogbo ènìyàn máa ń wò. Tí ìpè bá wọlé, ẹ jẹ́ kó dún tán, kí ẹ wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní Faransé ni ẹ ó kọ ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni: "Ẹ kú iṣẹ́. Mo wà níbi iṣẹ́, mi ò lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ṣé mo lè pè yín padà ní 12:45?" Kò sí ẹni tó ń gbani síṣẹ́ tí èyí máa bí nínú. Ó tilẹ̀ fi hàn wọ́n pé ẹ kì í fi àkókò iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe ti ara yín.

Ẹ̀rọ bùrò kò gbọ́dọ̀ mọ nǹkankan nípa ọ̀rọ̀ yìí: ìyẹn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà wọn, wáífáì wọn àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló máa ń ṣe àwọn ènìyàn jùlọ. Ìwé á há, ẹni náà á sá lọ síbi ìjókòó rẹ̀, àwọn tó wá tún un ṣe á fa séfé rẹ̀ yọ. Ẹ má sì ṣe fọ́tòkópì níbi tó kọjú sí bùrò yín. Ọmọ tó ń ṣe é máa ń ka ohun tó ń tẹ̀. Tí bùrò yín bá wà láàárín ìlú, ẹ lọ sí Wàndó. Tí ó bá wà ní Wàndó, ẹ wá sí àárín ìlú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo LinkedIn, àmì àwọ̀ ewé tó ń yí fọ́tò po, tí wọ́n kọ #OPENTOWORK sí, gbogbo ayé ló ń rí i. Ètò kan wà níbẹ̀ tó ń fi hàn fún àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ nìkan, tó sì ń gbìyànjú láti má fi han àwọn tó wà nílé-iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn sọ pé àwọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Èmi ò ní tan ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹ kàn tún àkọsílẹ̀ yín ṣe díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má tún gbogbo rẹ̀ ṣe ní alẹ́ ọjọ́ kan.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti gún:* ẹ fi fóònù ará ilé tẹ nọ́ńbà náà gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lórí séfé, kó dún lọ́wọ́ yín. Ẹ fi ímeèlì kan ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì náà, kí ẹ dáhùn rẹ̀, kí ẹ wo orúkọ tó jáde. Àbúrò mi rí i pé "Màmá Ìbejì" ni tirẹ̀ ń gbé jáde. Ẹ wo ẹ̀rín!

Ìpele kẹta: ìpolówó tí kò dárúkọ ilé-iṣẹ́

Púpọ̀ nínú iṣẹ́ dáadáa ní Kútọnu ń gba ọwọ́ kàbínẹ́ẹ̀tì tó ń bá ilé-iṣẹ́ wá ènìyàn kọjá. Wọ́n á kọ pé "ilé-iṣẹ́ kan tó lórúkọ ń wá kọ̀ǹtábù", wọn ò ní sọ èwo. Ẹ ṣọ́ra níbí. Ilé-iṣẹ́ náà lè jẹ́ tiyín. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ẹnìkan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kàbínẹ́ẹ̀tì á sì kó séfé yín sínú fáìlì, á gbé e lọ fún ọ̀gá yín gan-an. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí rí kò ní sọ ọ́, torí ojú ń tì í.

Ẹ fara balẹ̀ ka ìpolówó náà. Ìlú wo ni iṣẹ́ náà wà? Irú ọjà wo ni wọ́n ń tà? Ètò ìṣirò wo ni wọ́n ní kí ẹ mọ̀? Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọ ti ibi tí ẹ wà, ẹ dúró. Kí ẹ tó fi ohunkóhun ránṣẹ́, ẹ kọ̀wé sí kàbínẹ́ẹ̀tì pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín, ẹ sì fẹ́ mọ ẹni tí séfé yín máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tó mọṣẹ́ á sọ fún yín, tàbí kó bi yín pé ilé-iṣẹ́ wo ni kí òun yẹra fún. Tí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ lè fi séfé tí kò dárúkọ ilé-iṣẹ́ yín ránṣẹ́: "ilé-iṣẹ́ tó ń ta ohun ìkọ́lé, Àjàṣẹ́, láti 2019" ti tó fún ìgbà àkọ́kọ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé àwọn kan á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbà kí wọ́n jù ú.

Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ séfé pé kí wọ́n jọ̀ọ́ má kàn sí ọ̀gá yín ìsinsìnyí. Ọ̀gá yín àtijọ́, tàbí olùkọ́ tó darí yín ní ilé-ẹ̀kọ́, ni kí ẹ fi ṣe ẹlẹ́rìí. Kí ẹ pe ẹni náà kọ́kọ́, kí ìpè má bá a lójijì.

Ìpele kẹrin: dídá ọjọ́

Gbogbo ìyókù dúró lórí ìpele yìí. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀.

Bùrò àbúrò mi ń ṣí ní 8:00, wọ́n ń sinmi láti 12:30 sí 14:00, wọ́n sì ń ṣíwọ́ ní 17:30. Ìsinmi ọ̀sán jẹ́ ìṣẹ́jú 90. Láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu tó nǹkan bí kìlómítà 30. Tí ọ̀nà bá ṣí, tàsí lè fi ìṣẹ́jú 45 gbé yín dé, ṣùgbọ́n láàárọ̀, nígbà tí gbogbo Àjàṣẹ́ àti Sẹ̀mẹ̀ bá ń rọ́ lọ síbi iṣẹ́, ó ju wákàtí kan lọ. Àlọ àti àbọ̀ nìkan ti jẹ ìsinmi náà tán, ẹ ò sì tíì jókòó. Ẹni tó bá ní òun á "sáré lọ sáré bọ̀" ní ọ̀sán ló ń padà dé ní 15:20 pẹ̀lú òógùn lójú. Ìpè orí fóònù, ti fídíò, tàbí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nínú Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ìsinmi ọ̀sán wà fún.

Fún Kútọnu, ọ̀nà mẹ́ta ló wà, bí mo sì ṣe fẹ́ràn wọn sí nìyí. Èkíní ni 15:00 ọ̀sán: ẹ gba ààbọ̀ ọjọ́, ẹ kúrò ní 12:30 nígbà tí gbogbo ènìyàn ń jáde lọ jẹun, ẹ ò sì padà wá mọ́ lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó máa rí yín bí ẹ ṣe ń wọlé pẹ̀ẹ́. Èkejì ni àárọ̀ Sátidé, tí ilé-iṣẹ́ náà bá gbà. Ẹ̀kẹta ni odindi ọjọ́ kọ́ńjé, èyí tí ẹ máa fi pamọ́ fún ìgbà tí wọ́n bá pè yín padà lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ gún.

Nítorí náà, ẹ má gba ọjọ́ nínú ìpè àkọ́kọ́. Ẹ dúpẹ́, ẹ ní ẹ fẹ́ wo ètò iṣẹ́ yín, kí ẹ sì fi ọjọ́ méjì ránṣẹ́ sí wọn kí ilẹ̀ tó ṣú: "Nítorí iṣẹ́ tí mo ń ṣe lọ́wọ́, mo lè wà níwájú yín ní Ọjọ́bọ̀ 15:00, tàbí Sátidé láti 9:00." Ẹ fi ọjọ́ méjì hàn wọ́n, kí wọ́n yan ọ̀kan. Ẹni tó bá sọ pé "ìgbàkígbà ló rọ̀ mí lọ́rùn" ló ń fi ara rẹ̀ sínú 10:00 ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ wo ọjọ́ tí iṣẹ́ yín fúnra rẹ̀ gbà yín láyè. Kọ̀ǹtábù kò lè bèèrè àyè ní ìparí oṣù, tàbí láàárín ọjọ́ 1 sí 10, nígbà tí wọ́n ń sáré kọ ìwé owó-orí oṣù. Bí ó bá bèèrè rẹ̀ nígbà náà, ọ̀gá á fẹ́ mọ ìdí dandan. Láti ọjọ́ 12 sí 22, kò sí ẹni tó máa bi í.

Bíbèèrè àyè náà ní ọ̀nà. Ẹ bèèrè ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ní ìwé, ní gbólóhùn kan: "Mo bẹ̀bẹ̀ fún àyè ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ nítorí ọ̀ràn ara mi, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ á ti parí kó tó di ọjọ́ náà." Òtítọ́ ni. Ọ̀ràn ara yín ni lóòótọ́. Ẹ má fi ìtàn kún un. Àìsàn, òkú, ìkómọ, gbogbo wọn ni ènìyàn lè wádìí, ní ìlú wa yìí sì ni wọ́n ti ń wádìí rẹ̀ láì kúrò lórí ìjókòó. Ìwé dókítà tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹnìkan tiẹ̀ burú jù: ìyẹn lè lé yín kúrò níṣẹ́ láì gba kọ́bọ̀. Tí ọ̀gá bá bi yín pé kí ló dé, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní "ọ̀rọ̀ ilé ni, ọ̀gá, kò burú", kí ẹ dákẹ́. Ẹni tó bá ń ṣàlàyé gùn ló ń dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ààbọ̀ ọjọ́ kò lè ṣe é fún yín. Láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Kútọnu ju kìlómítà 200 lọ. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí ìpàdé àkọ́kọ́ jẹ́ orí fóònù tàbí fídíò ní 12:45 tàbí lẹ́yìn 18:00. Tí wọ́n bá fẹ́ rí yín lójú, ẹ fi ọjọ́ kọ́ńjé kan kún òpin ọ̀sẹ̀: ẹ gba ọjọ́ Ajé, ẹ gbéra ní Sátidé, ẹ sùn sílé ìbátan, ẹ jókòó níwájú wọn ní Ajé 9:00, kí ẹ sì wà nílé lálẹ́. Tí ilé-iṣẹ́ méjì bá ń pè yín, ẹ kó méjèèjì sí ọjọ́ kan náà, ọ̀kan ní 9:00, èkejì ní 14:30. Ẹni tó ń rìnrìn àjò lọ sí Kútọnu lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóṣù kan, tí kò sì tíì rí ọjà gbé bọ̀, á ní ìbéèrè láti dáhùn.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti gún:* ìdáhùn ọ̀gá wà lọ́wọ́ yín ní ìwé tàbí àtẹ̀jíṣẹ́; ẹ mọ orúkọ ẹni tí ẹ fẹ́ rí, àti ibi tí ilé náà wà gan-an; kò sì sí ẹni tí ẹ pa irọ́ fún tí ẹ máa ní láti rántí.

Ìpele karùn-ún: ọjọ́ náà fúnra rẹ̀

Aṣọ ló máa ń tú àṣírí. Ẹni tó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, tó wá dé Ọjọ́bọ̀ kan pẹ̀lú kóòtù àti bàtà dídán, ó ti kọ ọ́ síwájú orí. Ẹ wọ ohun tí ẹ máa ń wọ̀, kí ẹ sì ká èkejì sínú báàgì. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló yàtọ̀: ní Àjàṣẹ́, bí ẹ bá wọ bàsẹ́ẹ̀ǹ tí wọ́n lù dáadáa wá síbi iṣẹ́, wọ́n á rò pé mọ́sáláṣí ni, èyí sì lè wọ bùrò ọlọ́wọ̀ kankan ní Kútọnu.

Bí ti àbúrò mi ṣe lọ nìyí. 12:30, ó jáde pẹ̀lú àwọn yòókù. 13:40, ó dé ilé ẹ̀gbọ́n ìyá wa ní Akpakpa, ó wẹ eruku ojú, ó pààrọ̀ aṣọ. 14:25, ó gun sẹ́mijàn. 14:45, ó kọ orúkọ sínú ìwé àlejò ní ẹnu ọ̀nà. Ó jókòó ní 15:00, ó jáde ní 16:10, ó padà lọ pààrọ̀ aṣọ, ó sì wọ ilé kí 19:00 tó lù. Ohun kan ṣoṣo ló gbàgbé: báájì àlejò, tó fi há àpò. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló rí i nínú báàgì rẹ̀ lórí tábìlì bùrò, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà gàdàgbà lórí rẹ̀. Ẹ tú báàgì yín kí ẹ tó sùn.

Tí ẹ bá pàdé ẹni tó mọ̀ yín ní yàrá ìdúródè, ẹ kí i bí ẹ ṣe máa ń kí i. Ó ṣeé ṣe kí ohun tó gbé e débẹ̀ jẹ́ ohun kan náà.

Ìpele kẹfà: láti ọ̀rọ̀ ẹnu dé ìwé

"A ti gbà yín" lórí fóònù kì í ṣe iṣẹ́. Ẹ má kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ títí tí kọ́ńtàrà tuntun, tí wọ́n ti buwọ́ lù, tó ní owó oṣù àti ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, fi wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kà á bóyá àkókò ìdánwò wà nínú rẹ̀, torí nígbà yẹn wọ́n lè dá yín padà láì kìlọ̀.

Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gba àkókò ìkìlọ̀ láyè. Oṣù kan ni fún òṣìṣẹ́ lásán tó ń gba owó oṣù; oṣù mẹ́ta ni fún àwọn tó jẹ́ aláṣẹ iṣẹ́ àti káàdírì. Ẹ sọ ọ́ fún ilé-iṣẹ́ tuntun láti ìpàdé àkọ́kọ́, kí wọ́n má lọ retí yín ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀dà méjì lẹ́tà ni kí ẹ tẹ̀, kí ọ̀gá buwọ́ lu ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tó gbà á, torí ọjọ́ yẹn ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, ẹ bèèrè sẹ̀tìfíkà iṣẹ́ tó sọ ọjọ́ tí ẹ dé, ọjọ́ tí ẹ lọ àti iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Ẹ̀tọ́ yín ni, wọn ò lè fi dù yín.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti gún:* ọ̀gá yín gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ẹnu yín kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àbúrò mi. Ọ̀gá ka lẹ́tà náà tán, ó buwọ́ lu ẹ̀dà rẹ̀, ó fi bírò sílẹ̀, ó wá bi í pé ara ìyá wọn ńkọ́, ṣé ó ti le dáadáa báyìí?